Òǹtẹ̀ Mẹ́ta Lórí Ìwé-Ẹ̀rí Tó Ń Lọ sí Òkè-Òkun

Ẹ jẹ́ kí á mú olùkọ́ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó gba ìwé-ẹ̀rí NCE ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Iléṣà, kí a tó sọ ọ́ di Yunifásítì Iléṣà ní 2022, ó sì fẹ́ lọ kàwé sí i ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Ní Òṣogbo, ẹnìkan ní kí ó san owó kí òun bá a gba àpọ́sítíìlì. Owó náà yóò ṣègbé, nítorí pé kò sí ọ́fíìsì kankan ní Nàìjíríà tó lè fúnni ní àpọ́sítíìlì.

Nótárì ni ó wà nítòsí. Agbẹjọ́rò tí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà yàn sí iṣẹ́ náà ni. Yóò wo ojúlówó ìwé àti ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí pé wọn kò yàtọ̀ síra. Kò sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló fúnni ní ìwé náà ní tòótọ́. Òṣìṣẹ́ tó wà ní Róòmù, ẹ̀wẹ̀, kò mọ ìbuwọ́lùwé agbẹjọ́rò Òṣogbo.

Ìdí nìyí tí ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ aṣojú fi wà. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé-ẹ̀rí náà wò. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yóò fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i, kí ilé-iṣẹ́ aṣojú Ítálì ní Èkó tó fọwọ́ sí i. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí ọwọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fò kan, wọn yóò dá a padà. Ọ̀pọ̀ ló tilẹ̀ ti fi rọ́bà bo ìwé-ẹ̀rí wọn, èyí tí òǹtẹ̀ kò lè mú lórí. Olùkọ́ wa yìí yóò sì ṣe dáadáa bí ó bá gba lẹ́tà lọ́wọ́ Yunifásítì Iléṣà pé òun ni ó rọ́pò kọ́lẹ́ẹ̀jì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Hágù ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà, 1961 ni ó gé ìrìnàjò yìí kúrú. Ìwé kan ṣoṣo tó ní ìlà mẹ́wàá tí a fi nọ́ńbà sí ni àpọ́sítíìlì. Bí ìjọba ibi tí ìwé-ẹ̀rí ti wá bá ti fi í mọ́ ọn, kò tún sí ilé-iṣẹ́ aṣojú tí a ń lọ. Àmọ́ ó dà bí àrokò: ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ní láti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ítálì wà nínú àdéhùn náà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn ará Òṣogbo bá bímọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àpọ́sítíìlì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé ìbí ọmọ náà tó fún lílò ní Ítálì. Bí ìwé kan náà bá ń bọ̀ nílé, tí ọ́fíìsì tí yóò gbà á sì béèrè ìfọwọ́sí, àpọ́sítíìlì nìkan kò tó: ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni yóò fi tirẹ̀ lé e.