Sáà Kan, Ibùsùn Kan

Ohun tí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ń tà yàtọ̀ sí ohun tí onílé tó kù ń tà. Onílé lásán á fi yàrá lélẹ̀ fún ọdún kan, ayálégbé á kó ẹrù rẹ̀ wọlé, ó tán. Ní ilé akẹ́kọ̀ọ́, ibùsùn kan ni wọ́n ń gbà, fún sáà kan. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń pe sáà kìíní ní sáà ọyẹ́, tó sì ń pe èkejì ní sáà òjò, ọ̀pọ̀ onílé ìta ọgbà ṣì ń gba owó ọdún kan pọ̀. Àwọn tó ń gbà á ní sáà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé òbí tí kò lè rí owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan lè rí ìlàjì rẹ̀. Àmọ́ wàhálà kan wà nídìí ẹ̀: kì í ṣe onílé ló ń dá sáà. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣí i, òun náà ló ń pa á dé, ìgbà mìíràn sì wà tí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò parí.

Nítorí náà, ohun tí onílé tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ kọ sínú ìwé àdéhùn ni iye ọ̀sẹ̀ tí sáà kan jẹ́ lójú tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 15 ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, ìdánwò lè gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó di 18. Tí ìwé bá kàn sọ pé “sáà kan” láìka ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá dáwọ́ dúró ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iye owó. Ẹ jẹ́ ká mú ilé oníyàrá 16 kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí ènìyàn méjì-méjì ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan. Ibùsùn 32 nìyẹn. Ká ní owó ọlọ́dẹ, omi, àtúnṣe, kíkó ṣáláńgá àti èrè onílé fún odidi ọdún jẹ́ ₦4,800,000. Ẹni tí kò tíì ṣe é rí á pín in sí ọ̀nà 64, ìyẹn ibùsùn 32 fún sáà méjì, á wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan san ₦75,000. Nígbà tí ọdún bá parí, á máa ṣe kàyéfì ibi tí owó wọlé sí.

Ibi tó wọlé sí ni ibùsùn tó ṣófo. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tó bá wà ní ọdún kẹrin máa ń lọ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní áítí, ó sì sábà máa ń bọ́ sí sáà kejì. Ká sọ pé ènìyàn 30 ló wà nílé ní sáà ọyẹ́, tó sì ku 25 ní sáà òjò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55, kì í ṣe 64. Ní ₦75,000, ₦4,125,000 ló máa wọlé, ₦675,000 á sì já. Tí wọ́n bá pín in sí 55, ó lé díẹ̀ ní ₦87,000. Onílé yìí á sọ ọ́ di ₦90,000, nítorí pé ₦90,000 ṣeé pín sí ọ̀sẹ̀ 18 láìkù: ₦5,000 lọ́sẹ̀. Ìpín yẹn máa wúlò tó bá yá.

Áítí yìí kan náà ló yẹ kó darí bí wọ́n ṣe ń pín yàrá. Fọ́ọ̀mù tó dára á béèrè ẹ̀ka tí ọmọ wà, ọdún tó wà, ìgbà tó ń lọ fún áítí, bóyá òru ló fi ń kàwé tàbí ó ti ń sùn kí aago mẹ́wàá tó lù, àti nọ́ńbà fóònù òbí. Ìdí tí ìbéèrè áítí fi ṣe pàtàkì ni pé tí ọ̀kan nínú alájọgbé méjì bá lọ, tí èkejì kù, ibùsùn ṣíṣófo yẹn kì í pẹ́ kó tó ní ẹni tí ń sùn lórí ẹ̀ láìsanwó. Àwọn méjì tó jọ ń lọ ni kí wọ́n jọ fi sí yàrá kan. Tí wọ́n bá lọ, odidi yàrá á ṣófo, wọ́n á tì í pa, wọ́n á kùn ún, tàbí kí wọ́n fi í fún àwọn méjì tó ń ti áítí bọ̀. Ẹni tó ń fi òru kàwé náà kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń tètè sùn gbé. Ìjà nítorí iná tó ń tàn lójú ẹni pọ̀ ju ìjà owó lọ nílé akẹ́kọ̀ọ́.

Wọn kì í pín yàrá nìkan, ibùsùn gan-an ni wọ́n ń pín. 7A ni ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, 7B ni ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, orúkọ ọmọ á sì wà lórí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba kọ́kọ́rọ́, òun àti alábòójútó á jọ ka ohun tó wà nínú yàrá: gíláàsì lúfà mélòó ni, fáànù ń yí àbí kò yí, fóòmù ti ya níbo. Àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé yẹn, owó ìdúró tí ọmọ san nítorí ìbàjẹ́ á di àríyànjiyàn lọ́jọ́ tó bá ń lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó fọ́ gíláàsì.

Ní ti ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò, omi ló ń sọ òótọ́ jù. Ọmọ kan máa ń lo nǹkan bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 mẹ́ta lójúmọ́: ọ̀kan fún ìwẹ̀ òwúrọ̀, ọ̀kan fún ti alẹ́, ọ̀kan fún ilé ìgbẹ́ àti oúnjẹ. Tí ènìyàn 30 bá wà nílé, 1,800 lítà ni. Táńkì oníke onílítà 1,000 méjì, tí wọ́n bá fa omi sí i láàárọ̀, ó yẹ kó tó wọn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Tí ó bá wá di pé ojoojúmọ́ ni omi tó ń lọ ń tó 2,400 lítà, tí kì í sì í ṣe Sátidé tí gbogbo ayé ń fọṣọ, ohun méjì ló lè fà á. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo páìpù. Tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn, kí alábòójútó ki ọ̀pá gígùn bọ inú táńkì, kó sàmì síbi tí omi dé, kó sì tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó jí. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn láìsí ẹni tó lò ó, ó ń jò níbì kan. Bí ó bá wà níbi tó wà, 600 lítà tó lé yẹn ti tó omi ojúmọ́ kan fún ènìyàn mẹ́wàá tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé.

Àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ń pè ní sìkúátà. Lílu ilẹ̀kùn kiri láàárín òru láti wá wọn kì í ṣiṣẹ́. Wọ́n á sá gba ojú fèrèsé, aládùúgbò á sì máa bú onílé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwé àlejò lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Àlejò lè sùn fún alẹ́ mẹ́ta ní ọ̀fẹ́, bí wọ́n bá ṣáà ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti alẹ́ kẹrin, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ẹni tó gbà á sílé, kì í ṣe orí àlejò. Alájọgbé tí wọ́n ń há mọ́ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí.

Iná ìjọba nílò òfin kan ṣoṣo: kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà kékeré tirẹ̀. Sítóòfù iná oníwáàtì 1,000 ń jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan. Gílóòbù oníwáàtì 10 á tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ iye kan náà. Bí gbogbo ilé bá ń dá owó lọ́gbọọgba sí mítà kan, ẹni tó ń se ẹ̀wà ni àwọn tó kù ń sanwó fún. Sílíńdà gáàsì kò sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá ibùsùn. Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni àyè rẹ̀.

Owó ilé gan-an, kí kọ́kọ́rọ́ tó jáde ni kí púpọ̀ rẹ̀ ti wọlé. Ní ilé àpẹẹrẹ wa, ₦50,000 ni kí ọmọ kọ́kọ́ san, kó san ₦40,000 tó kù kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó parí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí kì í ṣe àfẹnusọ lásán: láàárín rẹ̀, òbí tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba á ti gba owó oṣù kan, ìdánwò kò sì tíì dé. Onílé tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ kọ ìwé, ẹni tó jẹ gbèsè á sì ti gbé báàgì rẹ̀ jáde láago márùn-ún ìdájí ọjọ́ tí ìdánwò parí. Báńkì ni kí owó gbà wọlé. Rìsíìtì á gbé nọ́ńbà ibùsùn, sáà àti iye tó kù, ẹ̀dà rẹ̀ kan á sì lọ sórí fóònù òbí, torí pé àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń sọ fún bàbá wọn nílé pé ₦130,000 ni.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ìyanṣẹ́lódì ń bọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ká ní irú rẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti san ₦90,000, tó sì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ti jẹ ₦30,000, ó ku ₦60,000, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 12. Bí onílé bá ka oṣù mẹ́jọ náà mọ́ sáà rẹ̀, ó ti fi owó ọmọ ọlọ́mọ jẹun. Bí kò bá sì gba kọ́bọ̀, ta ni yóò san owó ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ fóòmù àti ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀?

Ohun tí ìwé àdéhùn tó péye máa ń sọ ni pé ìṣirò á dúró láti ọjọ́ tí ọmọ bá dá kọ́kọ́rọ́ padà. Láti ọjọ́ náà, ₦1,000 lọ́sẹ̀ ni owó ìpamọ́ ẹrù. Fún ọ̀sẹ̀ 34, ó jẹ́ ₦34,000. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé padà, ọmọ náà á san ₦34,000 yẹn, á gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 rẹ̀ á sì ṣì pé fún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ san owó ìpamọ́ á kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ pa dé; ọ̀sẹ̀ 12 rẹ̀ kò sọnù, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ pé 7A ẹ̀gbẹ́ fèrèsé gan-an ni òun fẹ́. Ẹni tó bá sì di kọ́kọ́rọ́ mú, tó ń gbé inú ilé, tó ń lo omi nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń lọ ní ₦5,000, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé olùkọ́ wà ní kíláàsì.