Ìdí Tí Ewé Àgbàdo Fi Ń Pọ́n Lẹ́yìn Tí Omi Bá Dúró Lóko

Àgbàdo tí ewé rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn òjò ńlá, ebi ló sábà máa ń pa á. Èyí máa ń ya àgbẹ̀ lẹ́nu, pàápàá ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje tí òjò ń rọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ajílẹ̀ tó fi sí i kò tíì pẹ́, ilẹ̀ kò sì gbẹ. Omi tó dúró sójú oko ló fa ebi náà, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà fà á: kì í jẹ́ kí gbòǹgbò mí, ó sì ń mú oúnjẹ kúrò nínú ilẹ̀.

Gbòǹgbò ń mí lóòótọ́. Láàárín erùpẹ̀ ni ihò kéékèèké wà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Nínú atẹ́gùn yìí ni gbòǹgbò ti ń rí ọ́síjìn, òun ló sì fi ń sọ ṣúgà tí ewé fi ránṣẹ́ sí i di agbára. Agbára yìí ló fi ń fa oúnjẹ wọlé. Bí ilẹ̀ bá mumi yó, omi á gba gbogbo ihò wọ̀nyẹn. Ọ́síjìn kì í sì í rìn dáadáa nínú omi; ìrìn rẹ̀ níbẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 lọ́ra ju ìrìn rẹ̀ nínú atẹ́gùn lọ. Díẹ̀ tó ṣẹ́kù, gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ á jùmọ̀ lò ó tán, bí ilẹ̀ bá sì gbóná, kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Láti ìgbà náà, agbára tí gbòǹgbò ń rí nínú ṣúgà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ń rí tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ lè wà nítòsí rẹ̀, kò ní lè fà á. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo tó dúró sínú omi fi ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé ọ̀dá ló dá a: gbòǹgbò rẹ̀ kò lágbára láti mu omi tó yí i ká.

Ọ̀nà kejì ló ń pa àgbẹ̀ lówó jù. Náítírójìn ni oúnjẹ tí ewé nílò jù kí ó tó lè ní àwọ̀ tútù yọ̀yọ̀. Ajílẹ̀ tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú ilẹ̀, púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ á ti yí padà sí náítíréètì. Náítíréètì máa ń yòrò sínú omi, erùpẹ̀ kò sì lè dì í mú. Ní ilẹ̀ oníyanrìn, òjò á wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí gbòǹgbò dé lọ. Ní ilẹ̀ amọ̀ àti ní àkùrọ̀, níbi tí omi kì í ti í tètè fà, ohun mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ọ́síjìn ti wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́síjìn tó wà nínú náítíréètì lò. Èyí tó kù á di afẹ́fẹ́, á sì gòkè kúrò nínú ilẹ̀. Kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí, nítorí náà àgbẹ̀ kò ní mọ̀ pé owó ajílẹ̀ òun ti bá atẹ́gùn lọ, àfi ìgbà tí ewé bá fi hàn.

Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi í hàn. Bí náítírójìn kò bá tó, àgbàdo á fa èyí tó wà nínú ewé àgbà, á gbé e fún ewé tuntun tó ń yọ lókè. Ewé àgbà á wá pọ́n láti ṣóńṣó rẹ̀, pípọ́n náà á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ egungun àárín ewé bọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí etí ewé ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀. Àmì yìí ni kí àgbẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ ewé òkè, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ló ń pọ́n tí ti ìsàlẹ̀ sì tutù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oúnjẹ mìíràn ló wọ́n, bí imí ọjọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tàbí pupa rúsúrúsú ló já léraléra lójú ewé, àrùn tí kòkòrò kékeré kan tó ń fò máa ń gbé kiri ni. Yúríà kò lè wo àrùn yẹn sàn.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó sórí irú oko bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó wo abẹ́ ilẹ̀. Kó hú igi àgbàdo mélòó kan ní ibi tó burú jù. Gbòǹgbò funfun tó le ṣì wà láàyè. Èyí tó dúdú, tó rọ̀, tó ń rùn, ti jẹrà. Lẹ́yìn náà, kó fi ọ̀bẹ la igi náà sí méjì láti òkè dé ìdí. Títí àgbàdo yóò fi ní ewé bíi mẹ́fà, abẹ́ ilẹ̀ ni ojú ìdàgbà rẹ̀ wà, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ. Ìdí rèé tí omi fi ń tètè pa àgbàdo kékeré ju èyí tó ti ga lọ. Bí ibẹ̀ bá funfun tó sì le, ìrètí wà. Bí ó bá ti rọ̀ tó sì ti pọ́n bí ìpẹtà, ó ti kú, ajílẹ̀ kò sì ní jí i. Àgbàdo tó bá yè yóò yọ ewé tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí omi bá fà.

Ká ní àgbẹ̀ kan gbin éékà kan. Ó fi sẹ̀ntímítà 75 sáàárín ebè, ó fi 50 sáàárín ihò, igi méjì sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi àpò NPK 15:15:15 méjì sí i. Nínú kìlógíráàmù 100 yìí, 15 péré ni náítírójìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òjò rọ̀, omi sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ní apá ìsàlẹ̀ oko náà, tó tó ìdajì éékà. Àgbàdo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tíì jẹ púpọ̀ nínú ajílẹ̀ rẹ̀, nítorí láti ìgbà tó bá ga dé orúnkún títí yóò fi yọ irùkẹ̀rẹ̀ ló ń jẹun jù. Oúnjẹ tó ń dúró de ìgbà náà ni omi mú lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ewé apá ìsàlẹ̀ pọ́n, ti òkè kò sì pọ́n.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kó fi ọkọ́ la ojú ọ̀nà fún omi láti inú poro lọ sí ibi tó rẹlẹ̀ jù. Kò gbọdọ̀ fọ́n ajílẹ̀ kankan nígbà tí omi ṣì wà nílẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ti àkọ́kọ́ gbà lọ ni tuntun yóò gbà lọ. Kó dúró títí erùpẹ̀ yóò fi ṣeé tẹ̀ láì rì sẹ́sẹ̀, kó sì rí ewé tuntun kó tó ra ohunkóhun. Àpò yúríà kan, kìlógíráàmù 50, ní náítírójìn 23 nínú, ó sì tó éékà kan. Ìdajì éékà ló fara gbá, nítorí náà ìdajì àpò ni yóò lò níbẹ̀. Èyí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin ààbọ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan, tó súnmọ́ ṣíbí tíì kan tó kún dáadáa. Kó gbẹ́ ihò kékeré tó jìn tó sẹ̀ntímítà márùn-ún, kó fi sẹ̀ntímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá jìnnà sí ìdí àgbàdo, kó sì bo ó. Yúríà tó bá wà lójú ilẹ̀ lásán lè di afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, èyí tó bá sì kan ìdí igi lè jó o.

Ewé tó ti pọ́n gbẹ kò ní tutù mọ́, kí àgbẹ̀ má fi í ṣe ìwọ̀n. Ewé tuntun ni kó máa wò. Bí ó bá tutù dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ajílẹ̀ náà ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣì ń pọ́n, gbòǹgbò ló bàjẹ́ jù, kí ó má ṣe fi àpò mìíràn lé e. Ibi tí omi bá sì ń dúró sí lọ́dọọdún, ìrẹsì ló tọ́ sí i. Igi ìrẹsì ní ọ̀nà atẹ́gùn nínú láti ewé dé gbòǹgbò, ìdí sì nìyẹn tó fi lè gbé nínú omi tí àgbàdo ń kú sí.