Kí Ló Dé Tí Kàpásítọ̀ 10 Fi Ń Ṣiṣẹ́ Bíi 4?

Bí ẹ bá tú fóònù, ẹ ó rí àwọn nǹkan kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀. Òmíràn nínú wọn kò tó ìdá mẹ́rin hóró ìrẹsì. Kàpásítọ̀ seramíìkì ni wọ́n. Wọ́n ń gba iná díẹ̀ pamọ́, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ wéré nígbà tí ṣíìpù bá dédé fẹ́ iná sí i. Wọn kì í sábà kọ nǹkan kan sára wọn. Ẹni tó ra 10 µF lè fi mítà wọ̀n ọ́n, 10 náà ni yóò bá. Àmọ́ lórí bọ́ọ̀dù, níbi tí fólítì 5 wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó lè máà ju 4 lọ. Mítà kò parọ́, ẹni tó tà á kò sì rẹ́ni jẹ. Inú seramíìkì náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Irin méjì tó dojú kọra ni kàpásítọ̀, ohun tí iná kò lè là kọjá ló sì wà láàrin wọn. Bí iná bá dé ara irin náà, ohun tó jẹ́ pọ́sítíìfù nínú ohun àárín yẹn á fà sí apá kan, nẹ́gátíìfù á fà sí ìkejì. Bí wọ́n bá ṣe fà sí tó ni irin náà ṣe ń gba iná pamọ́ tó. Ẹ jẹ́ ká pe ìwọ̀n rẹ̀ ní nọ́ńbà ìgbàpamọ́. Bí kò bá sí ohunkóhun láàrin irin méjèèjì, 1 ni.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù ká máa ń yẹ̀ díẹ̀ nínú ohun gbogbo, ṣùgbọ́n èyí kéré. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ọjà kò fi ju 2 àti díẹ̀ lọ. Nínú omi, mólékù fúnra rẹ̀ ló ń yí ojú padà, nọ́ńbà rẹ̀ sì tó 80. Ta ni yóò wá da omi sínú fóònù? Iná tún lè há sí ààlà hóró kan àti èkejì nínú seramíìkì, àmọ́ ìyẹn lọ́ra, kò lè bá iná tó ń yí padà kíákíá rìn. Èyí tó wúlò jù fún wa ni ti áyọ́ọ̀nù, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ti ní iná lára, tó ń sún kúrò ní ipò rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí máíkà tí wọ́n fi ń ṣe kàpásítọ̀ wọ́n, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Jàpáànì kan bárọ́ọ̀mù títáníètì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú rẹ̀, áyọ́ọ̀nù títáníọ̀mù kan wà láàrin ọ́síjìn mẹ́fà, àyè yẹn sì fi díẹ̀ gbà á jù, bí ọmọdé tó sùn lórí ẹní àgbà. Nísàlẹ̀ nǹkan bí 120°C, kò lè dúró ní àárín gan-an. Ó máa ń rọ̀ sí apá kan, àwọn tó yí i ká á sì rọ̀ tẹ̀lé e. Iná díẹ̀ ti tó láti yí ọ̀wọ́ wọn padà. Nọ́ńbà irú seramíìkì yìí ń kọjá 1000 dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú C = ε₀εᵣA/d. Bí irin bá fẹ̀ ní 1 cm², tí seramíìkì àárín sì nípọn ní 1 µm, bárọ́ọ̀mù títáníètì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2000 yóò fún wa ní 1.77 µF. Kálísíọ̀mù sírókónétì, tí tirẹ̀ wà ní nǹkan bí 30, kò ní ju 0.027 lọ.

Ohun tó mú un pọ̀ yìí náà ló ń dín in kù. Fólítì 5 lórí ohun tó nípọn ní 1 µm péré jẹ́ mílíọ̀nù 5 fólítì sí mítà kan. Iná tó tó bẹ́ẹ̀ ti fa títáníọ̀mù mọ́ apá kan, kò sì sí èyí tó kù láti sún mọ́. Ẹni tó nílò 10 µF níbi fólítì 5 kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé 6.3 V tí wọ́n kọ sí orí páálí. Kí ó mú èyí tí ara rẹ̀ tóbi, tí seramíìkì rẹ̀ nípọn, kí ó sì wo ilà tí ilé iṣẹ́ yà nípa bó ṣe ń dín kù bí fólítì ṣe ń pọ̀. Kí a kàn lọ ra èyí tí fólítì rẹ̀ ga jù tí ara rẹ̀ kò sì yàtọ̀, ìyẹn kì í fìgbà gbogbo ranni lọ́wọ́.

Ooru náà ń dà á láàmú. X7R ni èyí tí wọ́n fi èròjà mìíràn bo hóró rẹ̀, kí ó má bàa yí ju 15% lọ láti -55 dé 125°C. Y5V ń gba iná pamọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó lè sọ 82% nù láàrin -30 àti 85°C. Èmi kì bá tí fi í sí ibi tó gbóná. C0G, tí kì í ṣe bárọ́ọ̀mù títáníètì ni wọ́n fi ń ṣe é lóde òní, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rárá. Òun ló yẹ níbi tí rédíò ti ń yan ìkànnì.

Ẹni tí kò mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi í sórí mítà, kí ó gbé áyọ́ọ̀nù sódà gbígbóná sún mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà bá ń sáré, a jẹ́ pé kì í ṣe C0G. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ohun tó bá lẹ́yìn náà ṣe ẹ̀rí: ooru tó kọjá 120°C ń tún títáníọ̀mù tò, nítorí náà X7R tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sódà máa ń ga díẹ̀, yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú wákàtí. Ó yá kíákíá ní ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn náà ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.