Tábìlì yín kéré? Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù tó yẹ kí ẹ rà

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kékeré á mọ ìyà tí a fẹ́ sọ yìí. Kíbọ́ọ̀dù ti gba ojú tábìlì tán, máòsì wá ń rìn létí bèbè, apá ọ̀tún sì ń nà jáde ṣáá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, èjìká á ti máa ro ni. Kíbọ́ọ̀dù tó kéré sí i lè yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀ lè fowó ra wàhálà.

Oríṣi mẹ́rin ni ká wò. Èyí tó tóbi jù ni fúlù-sáìsì. Ó sábà máa ń ní bọ́tìnnì 104, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 44. Òun ló ní ibi nọ́ńbà lápá ọ̀tún, tó rí bíi ti ẹ̀rọ ìṣirò. Tẹnkílẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ń kọ TKL sí lára páálí rẹ̀, ti yọ ibi nọ́ńbà yẹn kúrò. Ó ku bọ́tìnnì 87 àti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36.

Ti 75% kò yọ nǹkan púpọ̀ mọ́. Ńṣe ló sún àwọn bọ́tìnnì tó kù mọ́ra wọn, kó lè wọ inú bíi sẹ̀ǹtímítà 32. Ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, ìlà F1 sí F12 náà sì wà lókè. Ti 60% ló kéré jù: bọ́tìnnì 61, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ní ti èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, kò sí ọfà, kò sí ìlà F, kò sí Delete. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n gbọ́dọ̀ di Fn mú, kó tó tẹ bọ́tìnnì mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan gbé e. Ká ní ìyá oníṣòwò kan ní tábìlì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí ìwé ọjà sì gba 20 lápá òsì. Ó ku 55. Tó bá gbé fúlù-sáìsì síbẹ̀, 11 péré ló kù fún máòsì, bẹ́ẹ̀ máòsì fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó 6. Níbo ló fẹ́ gbà rìn? Pẹ̀lú tẹnkílẹ́ẹ̀sì, 19 ló kù. Pẹ̀lú 75%, ó ku 23. Pẹ̀lú 60%, ó ku 25.

Ẹ wò ó dáadáa. Yíyọ ibi nọ́ńbà nìkan ti fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ṣùgbọ́n láti 75% bọ́ sí 60%, méjì péré la rí, ọfà àti ìlà F sì ti bá a lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: ṣé mo nílò ibi nọ́ńbà?

Ẹ má ṣe méfò. Ẹ gé páálí, kí ẹ fi bo ibi nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò báyìí fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ fa ìlà kan sórí páálí náà. Tí ìlà náà kò bá ju mélòó kan lọ, ẹ ò nílò rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé iye owó lẹ ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ lè ra 75% pẹ̀lú ibi nọ́ńbà tó dá dúró, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ẹ lè gbé e sápá òsì, kí ẹ sì kó o kúrò nílẹ̀ tí ẹ bá ṣírò tán.

Ohun mìíràn kan àwa tí a ń fi àmì sórí Yorùbá. Lórí Windows, ẹni tó bá ń lo United States-International máa ń tẹ bọ́tìnnì ` kó tó tẹ a, kí à lè jáde. Lára ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù 60%, Esc ti gba ipò bọ́tìnnì yẹn, ó di kí èèyàn máa di Fn mú. Láti kọ “bàtà” lásán, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ṣe wàhálà yẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì nọ́ńbà 1: tó bá jẹ́ Esc ló wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ní tiwa, 75% ló bá tábìlì kékeré mu jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ tí ọwọ́ yín bá ti mọ ipò Home, End àti ọfà láìwò ó, tẹnkílẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ mú, torí pé bí wọ́n ṣe tò wọ́n sára fúlù-sáìsì náà ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé kíbọ́ọ̀dù sínú báàgì kiri, tó sì fara mọ́ Fn, ni 60% wúlò fún.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà B dojú kọ ìdodo yín, kí ẹ wá na ọwọ́ sí máòsì. Tí ìgúnpá bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ ra èyí tó bá yín mu. Tó bá ṣì ń nà jáde, kíbọ́ọ̀dù náà ṣì tóbi jù.