Bí iṣẹ́ mẹ́ta ṣe lè pín owó ọ́fíìsì kan láìsí ìrẹ́jẹ

Ká ní àjọ aláàánú kan ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta nínú ọ́fíìsì kan: ti ibà, ti ilé-ìwé àti ti omi. Owó ilé, iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦200,000 lóṣù. Ta ni yóò san èló?

Àwọn mìíràn máa ń gbé gbogbo rẹ̀ lé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó gbé owó náà sílẹ̀ lè ní kí wọ́n dá a padà.

Iye òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n fi pín in. Bí márùn-ún nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá bá wà nídìí ibà, mẹ́ta nídìí ilé-ìwé, méjì nídìí omi, ibà yóò san ₦100,000, ilé-ìwé ₦60,000, omi ₦40,000. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, kí ó máa kọ wákàtí tó lò nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá sì parí, kí wọ́n tún un pín.