Ta Ló Sanwó Fídíò Oníwàásù Yìí?

Nínú àwọn fídíò kéékèèké orí TikTok àti Instagram, ìwàásù àti ọjà máa ń wọnú ara wọn débi pé ẹni tó ń wò ó kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Wòlíì á gbàdúrà díẹ̀, á ka ẹsẹ Bíbélì kan, á sì gbé ìwé kan sókè pé ìwé yìí ni yóò ṣílẹ̀kùn fún yín lọ́dún yìí. Alfa náà á ṣe wáàsí, á sì parí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń kó èèyàn lọ sí Úmúrà. Bí ọlọ́jà bá fún oníwàásù lówó lábẹ́lẹ̀, ó yẹ kí olùwò gbọ́ kó tó yọ owó tirẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti tẹ ìwé ìlànà kékeré kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2019, wọ́n sì tún ìlànà ìpolówó wọn tó gbòòrò ṣe ní 2023. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ní ká sọ. Ọjà ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé ìtura, bí ọlọ́jà bá jẹ́ ẹbí ẹni tàbí ọ̀gá ẹni níbi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn ṣe fídíò náà kò sì lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun bó bá hàn gbangba pé àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà yóò wò ó, tí wọn yóò sì rajà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ajíhìnrere kan wà ní Hústọ̀n tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá. Àwọn kan ń ṣe àpéjọ àwọn ìyá, 40 dọ́là ni tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n san owó ọkọ̀ òfuurufú fún Màmá, wọ́n gba ilé ìtura fún un, wọ́n sì fún un ní kóòdù kan, MAMA10. Ẹnikẹ́ni tó bá fi kóòdù yìí ra tíkẹ́ẹ̀tì yóò rí ẹ̀dínwó, 5 dọ́là yóò sì wọ àpò Màmá. Ohun tí Màmá sọ nínú fídíò rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run ló gbé àpéjọ yìí sí mi lọ́kàn. Ẹ má jẹ́ kó fò yín dá o. Ẹ fi MAMA10 forúkọ sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn alábàáṣepọ̀ wa."

Ìsàlẹ̀ fídíò ló kọ èyí sí: #faith #yoruba #blessed #ad.

Màmá lè gbà pé òun ti ṣe ohun tó yẹ, nítorí ó dúpẹ́, ó sì kọ #ad. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bí ọmọ ìjọ ṣe ń gbọ́ ọ. Ọpẹ́ kò jẹ́ tuntun lẹ́nu ajíhìnrere, kò sì sọ pé owó wọlé. "Alábàáṣepọ̀" wá burú jù ú lọ: nínú ìjọ, alábàáṣepọ̀ ni ẹni tó ń fi owó ti iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́yìn lóṣooṣù. Olùwò yóò rò pé àwọn olùrànlọ́wọ́ ìjọ ni Màmá ń kí, kò ní mọ̀ pé oníṣòwò ló ń sanwó fún Màmá. Ìdí nìyí tí àmì "Paid partnership" tí Instagram máa ń gbé sókè fi lè ṣi àwọn ará wa lọ́nà. Ó dára kéèyàn lò ó, ṣùgbọ́n FTC pàápàá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ sórí àmì tí ilé iṣẹ́ ayélujára pèsè.

Ti #ad ńkọ́? Ó sá pa mọ́ sáàárín àwọn àmì mìíràn, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ "more" nìkan ni yóò rí i. Gẹ̀ẹ́sì sì ni, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni Màmá fi polówó. FTC ní èdè tí a fi polówó ni ká fi jẹ́wọ́. Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí kò ní mọ ohun tí "ad" jẹ́.

Ohun tó yẹ kí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ rèé:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ìpolówó ni mo fẹ́ ṣe yìí o. Àwọn tó ni àpéjọ yìí ló san owó ọkọ̀ àti ilé ìtura mi. Bí ẹ bá sì fi MAMA10 ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fún mi lówó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Kò pọn dandan kó dárúkọ iye owó náà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ apá kan kó fi apá kan pa mọ́. Bó bá ní wọ́n san owó ọkọ̀ òun, tí kò sọ ti owó orí tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti tan àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí owó yẹn gan-an ló mú kó máa tẹnu mọ́ kóòdù.

Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ni kí gbólóhùn yìí wà. Àwọn alfa kò ní ṣàì mọ hadíìsì kan nínú àkójọ Muslim, níbi tí Ànábì ti kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó bá omi nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló rọ̀ sí i. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn rí i. Bí fídíò ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Èyí tún ṣe pàtàkì láàárín wa nítorí WhatsApp: èèyàn á gba fídíò sílẹ̀, á gé e kúrú, á gbé e sí sítátọ́ọ̀sì. Àmì Instagram kò ní bá a lọ, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò ní bá a lọ, àmọ́ ohun tí Màmá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níbẹ̀rẹ̀ ṣeé ṣe kó ṣẹ́ kù.

Kó tún kọ ọ́ sójú fídíò, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń wò ó láìgbọ́ ohùn. ÌPOLÓWÓ NI: WỌ́N SANWÓ FÚN MI. Kó jẹ́ lẹ́tà ńlá, lápá òkè, torí ọ̀rọ̀ àti bọ́tìnnì TikTok máa ń bo ìsàlẹ̀. Kó sì pẹ́ níbẹ̀ tó fún ẹni tí kì í yára kàwé. Bó bá jẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tààrà ni, kó máa tún un sọ, torí àwọn kan á pẹ́ dé.

Ti "Ọlọ́run gbé e sí mi lọ́kàn" ńkọ́? Ó lè jẹ́ òótọ́ ọkàn Màmá, mi ò ní bá a jiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má fi í dípò ọ̀rọ̀ owó. Kó sọ ti owó ná, kó tó sọ ti Ọlọ́run.

Ti ìwé tí oníwàásù fúnra rẹ̀ kọ rọrùn. "Ìwé tí mo kọ nìyí, mo sì ń tà á" ti tó. Bó bá fi kún un pé mọ́sálásí ni èrè rẹ̀ ń lọ, kí ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ ìdajì ni, kó ní ìdajì.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù jù ni òróró, tíì àti àgbo. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé wọ́n sanwó fún òun, tó tún ní àgbo náà ń wo àtọ̀gbẹ sàn láìsí ẹ̀rí, irọ́ ṣì ni. Jíjẹ́wọ́ owó kò sọ irọ́ di òótọ́. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́rìí sí ohun tí kò lò rí. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà NAFDAC wà fún irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, àjọ ASA ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ "Ad" hàn gbangba níbẹ̀rẹ̀ irú fídíò bẹ́ẹ̀. Fún ìjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, màá fi "Ìpolówó" kún un. Bí ẹ bá rí èyí tó fi owó pa mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi oníwàásù náà ní gbangba pé, "Bàbá, ṣé wọ́n sanwó fún yín?" Bí kò bá dáhùn, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lè kọ̀wé sí ReportFraud.ftc.gov, àwọn tó wà ní Ìlú Ọba sí asa.org.uk, àwọn tó wà ní Nàìjíríà sí FCCPC. Ẹ tọ́jú fídíò náà sórí fóònù yín kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.