Lẹ́tà Tó Yẹ Kó Tẹ̀lé Kọ́kọ́rọ́

Ní Èkó, ìwé kì í wọ́n lọ́jọ́ tí èèyàn bá fẹ́ san owó ilé. Àgírímẹ́ǹtì ń bẹ, rìsíìtì ń bẹ, éjẹ́ǹtì àti lọ́yà á sì gba owó tiwọn. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ tí ayálégbé kó ẹrù dé, tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu géètì, ìwé ti tán nìyẹn. Éjẹ́ǹtì á na kọ́kọ́rọ́ méjì sí i, á ní "ẹ kú oríire", ó di pé ó ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé síǹkì kíṣìnnì ti là kí ayálégbé tuntun tó dé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tó bá ń kó jáde, tó ń béèrè owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀, síǹkì yẹn á di ìjà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà burúkú ló ń fà á. Onílé gbà tọkàntọkàn pé síǹkì òun dáa, ayálégbé náà sì mọ̀ dájú pé bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni kò sí. Lẹ́tà olójú ewé méjì tí onílé fi lé ayálégbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kó wọlé lè ṣe ẹlẹ́rìí náà. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe yẹ kó rí. Ká ní fúláàtì oníyàrá méjì ni, nínú ilé onífúláàtì mẹ́rin ní Sùúrùlérè, màmá àgbàlagbà kan ló ni ín, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, tọkọtaya kan sì ń kó bọ̀ lókè.

Ìkíni ni màmá máa fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìṣílé o. Ilé yìí á tù yín lára, ẹ ó fi ṣe rere. Bí nǹkan bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kì í ṣe éjẹ́ǹtì." Kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀, àti ti ẹni tí wọ́n lè pè bí kò bá sí nílé. Ìyẹn tó. Lẹ́yìn náà ló máa kan kọ́kọ́rọ́.

Ṣe ni kó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́tà: "Géètì ńlá, ẹyọ kan. Ilẹ̀kùn àbáwọlé, mẹ́ta. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kíṣìnnì, méjì. Àgádágodo irin ojú fèrèsé yàrá ńlá, méjì." Iye yìí ni wọ́n máa dá padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ, kò sì ní sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó jẹ ayálégbé lógún ju iye lọ ni ẹni tí ẹ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ayálégbé àná lè ti gé ọ̀kan fún àbúrò, òmíràn fún ọmọ ọ̀dọ̀. Éjẹ́ǹtì tó ń mú èèyàn wá wo ilé lè ní tiẹ̀. Kò sí bí onílé ṣe fẹ́ mọ gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó pààrọ̀ sílíńdà ilẹ̀kùn àbáwọlé kí ayálégbé tuntun tó dé. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn onísílíńdà ni, wọn ò ní tú gbogbo àgádágodo. Ìdè gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó di sílíńdà mú. Káfíńtà á tú u, á ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, á yí i díẹ̀ títí ahọ́n inú rẹ̀ á fi bọ́ sáyè, á fà á jáde, á sì ti tuntun tí gígùn rẹ̀ bá ti àná mu wọlé. Kí màmá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo ti pààrọ̀ sílíńdà. Ẹ̀dà kankan kò sí lọ́wọ́ mi." Bí ẹ̀dà bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ti irin ojú fèrèsé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè nìkan. Fèrèsé kan gbọ́dọ̀ wà tí irin rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú, torí bí iná bá sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà àbáyọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí fèrèsé náà, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà níta kò ti lè tó o, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibẹ̀. Kí lẹ́tà dárúkọ fèrèsé náà gan-an.

Àkọsílẹ̀ ohun inú ilé ló wá gba ìṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ onílé tó bá tiẹ̀ kọ ọ́, "gbogbo nǹkan wà ní pípé" ni wọ́n máa ń kọ, gbólóhùn yẹn kò sì lè já ìjà kankan. Yàrá kan lẹ́yìn òmíràn ni kí màmá àti ayálégbé jọ rìn ín, kí ilé ṣì ṣófo, kí wọ́n tó já ẹrù ẹyọ kan. Ohun tí ojú rí ni kí wọ́n kọ: "Kíṣìnnì: síǹkì onírin, ó tẹ̀ níwọ̀nba lápá òsì. Tápù ń dí dáadáa. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kejì, ínjìsì ìsàlẹ̀ ti já."

Aago tí wọ́n fi rìn ín ṣe kókó. Ọ̀sán tí kò sí iná, tí tánkì sì gbẹ, ni a máa ń wo ilé, a ò ní í rí àìsàn ilé rárá. Kí màmá tan pọ́ọ̀mpù kí tánkì kún. Kí wọ́n ṣí tápù síǹkì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n wo bóyá omi ń lọ tàbí ó ń dúró, kí wọ́n sì fọwọ́ kan abẹ́ páìpù bóyá ó tutù. Kí wọ́n fa omi tọ́lẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n dúró gbọ́ bóyá ó dákẹ́ lẹ́yìn tó kún. Ki ṣájà fóònù bọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbójú sókè: bí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ bá wà lára àjà, tó rí roboto, omi ti ń kán níbẹ̀ rí, bóyá láti òrùlé, bóyá láti balùwẹ̀ ẹni tó wà lókè. Fi owó ẹyọ kan táìlì ilẹ̀ yíká. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ kún á dún wúwo, èyí tí sìmẹ́ńtì kò dé abẹ́ rẹ̀ á dún bí ohun tó ṣófo. Táìlì tó ṣófo nísàlẹ̀ lè là lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ju nǹkan lù ú, nítorí náà iye rẹ̀ àti ibi tó wà gbọ́dọ̀ wọ inú àkọsílẹ̀.

Kí àwọn méjèèjì ya fọ́tò, kí ó wà lórí fóònù àwọn méjèèjì. Kí màmá tún fún wọn ní ọjọ́ méje láti fi ohun tí wọn ò tètè rí kún un, torí ọ̀pọ̀ àléébù kì í jáde àfi téèyàn bá sùn níbẹ̀, pàápàá bí òjò bá rọ̀.

Ẹ wo àǹfààní rẹ̀. Ká ní ₦150,000 ni owó kọ́ṣọ̀n. Ọdún mẹ́ta kọjá, wọ́n ń kó jáde, màmá rí ohun mẹ́rin: táìlì mẹ́ta ti là ní pálọ̀, ọ̀dà ògiri ti ṣá, ìbòrí tọ́lẹ́ẹ̀tì ti fọ́, ihò sì wà lára ògiri níbi tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́. Wọ́n ṣí àkọsílẹ̀. Táìlì mẹ́ta wà níbẹ̀ pé wọ́n ṣófo, ẹrù màmá nìyẹn. Ọ̀dà tó ṣá jẹ́ ohun tí lílò lásán máa ń fà. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 náà, ní àwọn àdúgbò tó kàn, yọ gbígbó tí lílò fà kúrò nínú ohun tí ayálégbé máa tún ṣe. Ìbòrí tọ́lẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ pé ó dáa, ihò kò sí níbẹ̀, nítorí náà ti ayálégbé ni méjèèjì. Bí ìbòrí àti owó iṣẹ́ púlọ́ńbà bá jẹ́ ₦18,000, tí dídí ihò àti kíkùn ún jẹ́ ₦12,000, ₦120,000 ni màmá máa dá padà, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì parí ní ìdúró kan. Òfin yẹn kan náà ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìṣirò tí a kọ sílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà.

Kí wọ́n kọ nọ́ńbà mítà àti iye tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Bí fúláàtì bá ti ṣófo pẹ́, kí màmá ra tókìnnì kékeré kan dán an wò. Mítà tí wọn ò tíì ṣe àyípadà tó yẹ fún ṣáájú ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 kì í gba tókìnnì tuntun, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà àyípadà méjì tí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná máa fún wọn. Kò dáa kó jẹ́ alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú òkùnkùn, ni ayálégbé máa mọ̀.

Ní ti ìdọ̀tí, LAWMA ló ń bójú tó o l'Ékòó, àwọn aládàáni tí a mọ̀ sí PSP ló sì ń gbé ọkọ̀ wá kó o. Ohun mẹ́ta ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ: ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ń wá, ibi tí dọ́ọ̀bìn wà, ẹni tó ń san bíìlì. Kí màmá fi rìsíìtì bíìlì tó gbẹ̀yìn han ayálégbé, kí gbèsè ẹni àná má baà di tiẹ̀. Kó tún kọ ọ́ pé kí wọ́n gbẹ́ omi ọbẹ̀ kúrò kí wọ́n tó di àpò, torí omi yẹn ló ń rùn tó sì ń kó ìdin jọ, àti pé ẹ̀ṣẹ́ iná tó ṣì gbóná kò gbọ́dọ̀ wọ dọ́ọ̀bìn oníke. Nígbà mìíràn ọkọ̀ kì í wá. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn máa ń fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri, tí ìdọ̀tí náà á sì parí sínú gọ́tà àdúgbò kan náà. Kí lẹ́tà sọ ohun tí wọ́n máa ṣe dípò ìyẹn: di í pa, bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n pe màmá kó pe ọ́fíìsì PSP.

Òfin ilé kò yẹ kó pọ̀. Aago tí wọ́n ń tan pọ́ọ̀mpù, ibi tí ọkọ̀ máa dúró, aago tí ariwo máa lọ sílẹ̀. Ọ̀kan péré ni kí màmá kọ ní lẹ́tà ńlá: kí ẹnikẹ́ni má tan jẹnẹrétọ̀ sí bákónì, kọ́ríndọ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò láwọ̀ tí kò sì lóòórùn, ó ń pa èèyàn lójú oorun. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n jáde síta kíá, kí wọ́n pa á.

Ibì kan wà tí òfin ilé kò lè dé. Màmá kò lè kọ ọ́ pé òun máa já iná tàbí ti omi pa bí wọ́n bá ṣẹ̀, òfin 2011 kọ̀ ọ́ fún onílé. Kò sì lè wọlé wò ó nígbà tó bá wù ú. Ọ̀sán ni, lẹ́yìn tó bá ti fi ìwé sọ fún wọn. Ó tún yẹ kí ayálégbé ti rí àwọn òfin yìí kó tó san owó.

Ẹ̀dà méjì ni kí wọ́n tẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì buwọ́ lù ú, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago. Bí onílé kò bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ayálégbé kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò lórí Wásáàpù: "Ẹ kú alẹ́ mà. Bí a ṣe bá ilé rèé. Ẹ jọ̀wọ́, bí ohun kan kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wa." Kó tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún un, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, torí fóònù lè sọnù kí ọdún mẹ́ta tó pé.